Fífọ owó àbí ìpaláró owó? Kí la ó pe ohun tí ọjà kírípítò ń béèrè lọ́wọ́ wa

Adéọlá: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń túmọ̀ ojú-ewé ọjà kírípítò kan sí Yorùbá. Mo kọ "fífọ owó" fún "money laundering", ìyẹn ìwà sísọ owó ẹ̀ṣẹ̀ di èyí tó jọ owó ẹ̀tọ́, tí wọ́n ní àwọn ń dènà, mo sì kọ "ìdánimọ̀" fún gbogbo ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà lábẹ́ KYC, ìlànà pé kí ọjà mọ ẹni tó ń bá a ṣòwò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní èkíní jọ ti ẹni tó ń fi ọṣẹ fọ bébà owó, ó ní èkejì kò sì tó. Kí ni kí n kọ? Kí ló tilẹ̀ dé tí wọ́n tún ń padà wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀?

Àjàní: Adéọlá, jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kejì ná, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa yẹ àkáǹtì àwọn oníbàárà wò ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni "ta ni ọ́?" Káàdì, fọ́tò ojú àti àdírẹ́sì ló ń dáhùn ìyẹn, ẹ̀rọ ló sì sábà máa ń parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èkejì ni "níbo lowó yìí ti wá?" Ìyẹn kì í tán lọ́jọ́ tí èèyàn ṣí àkáǹtì, nítorí kọ́ìnì mìíràn lè wọlé lọ́la láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Tí o bá kó méjèèjì sábẹ́ "ìdánimọ̀", ẹni tó ti fi káàdì rẹ̀ hàn yóò gbà pé ó ti parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún bi í léèrè, á ní wọ́n fẹ́ jẹ owó òun mọ́lẹ̀ ni. Fi "ìdánimọ̀" sílẹ̀ fún àkọ́kọ́, kí o kọ "ẹ̀rí orísun owó" fún èkejì.

Ìyábọ̀: Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ èmi gan-an lẹ ń bá wí yìí. Mo ra USDT, kọ́ìnì tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn, tó tó 1,800 dọ́là lọ́wọ́ ẹnì kan, kì í ṣe inú ọjà kankan, àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi lọ́jà pàṣípààrọ̀ kan kí n lè tà á, ni wọ́n bá dì í mú. Mo fi káàdì mi ránṣẹ́, wọ́n ní kò tó. Mo tún fọ́tò mi yà, mo tún fi í ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí mo bá béèrè ìdí, wọ́n á ní àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ọ̀rọ̀ ni wọn ò lè sọ ni?

Bàbá Fálọlá: Ìyábọ̀, pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí èdè, torí ohun tó kó wa jọ nìyẹn. "Fífọ" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí a bá fọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ ti bá omi lọ nìyẹn. Owó olè kì í báyìí di owó ẹ̀tọ́, bó ti wù kí wọ́n gbé e yí ká tó. Ẹni tó jí aṣọ funfun, tó pa á láró, tó wá gbé e lọ sọ́jà, kò fọ nǹkan kan. Ó kàn ń ṣọ́ kí ẹni tó ni aṣọ má baà dá a mọ̀ ni. "Ìpaláró owó" ni àbá tèmi.

Kọ́lá: Ọ̀rọ̀ Bàbá dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wá. FATF, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè méje tó lówó jù dá sílẹ̀ ní Páríìsì lọ́dún 1989, ló ṣe òfin yìí fún gbogbo ayé. Ní 2018 ni wọ́n kó kírípítò mọ́ ọn. Adéọlá á tún bá "Travel Rule" pàdé lójú-ewé yẹn: "òfin ìrìnàjò" ni kó kọ, torí ó kan àwọn tó ń gbé kírípítò kọjá ẹnu ibodè. Èyí tí kò bá sì tó 1,000 dọ́là, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àjàní: Kọ́lá, ọdún méjèèjì tí o dá yẹn pé. Ìyókù ni kò rí bẹ́ẹ̀. FATF kì í ṣòfin fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ìlànà lélẹ̀ ni, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye náà kò fi dọ́gba. Lóòótọ́, 1,000 dọ́là ló wà nínú ìlànà wọn. Ní Amẹ́ríkà, 3,000 ni. Nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2024, bó ti wù kí owó kéré tó, tí ọjà kan bá ń fi í ránṣẹ́ sí ọjà mìíràn, ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí ẹnu ibodè nínú rẹ̀ rárá. Owó ló ń rìn, orúkọ ló ń bá a rìn. Adéọlá, "òfin orúkọ-bá-owó-rìn" ni èmi ì bá kọ.

Ìyábọ̀, káàdì kọ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ. Bí mo ṣe rò pé ó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn kọ́ìnì sí wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á. Àwọn ọjà ní ẹ̀rọ tó ń tọ ipa kọ́ìnì padà sẹ́yìn láti àdírẹ́sì dé àdírẹ́sì. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí o rà ti gba ọwọ́ bí i méjì kọjá láti ibi tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé olè ló ni ín. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé o sanwó fún un. Ohun tó rí kò ju pé kọ́ìnì yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ìwé tí báńkì rẹ fi hàn pé o san 1,800 dọ́là ni kí o fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ẹni tó tà á jọ kọ síra yín àti nọ́ńbà gígùn tó ń tọ́ka sí ìfiránṣẹ́ kọ́ìnì náà, èyí tí wọ́n kọ TXID sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye àti àkókò ni ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa kọ́kọ́ fi wéra. Tí owó bá kúrò ní báńkì rẹ ní aago mẹ́wàá, tí kọ́ìnì tó bá a mu sì dé ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rẹ ti dúró. Tí iye bá yàtọ̀ nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n yọ, kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà kó tó di pé wọ́n bi ọ́.

Ní ti pé wọn ò sọ̀rọ̀: tí ọjà bá ti kọ ìfura rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irú rẹ̀, òfin kà á léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pé kó sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ẹjọ́ rẹ sùn. Àmọ́ àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn kì í sábà mọ èyí tó jẹ́, nítorí náà gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn. Ó ń bí mi nínú bó ṣe ń bí ẹ̀yin náà nínú.

Ṣadé: Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ̀rọ tí ẹ sọ yẹn, ṣé kì í ṣàṣìṣe ni?

Àjàní: Ó ń ṣàṣìṣe. Orúkọ kò sí lára àdírẹ́sì, ẹ̀rọ ló ń fi ìṣesí dá a lábàá pé ẹnì kan náà ló ni àwọn àdírẹ́sì kan. Ọjà kọ̀ọ̀kan ló tún ń pinnu ibi tí ìfura á dé kí ó tó di owó mú. Ohun tí ọjà kan dì mú, òmíràn lè gbà á láìwẹ̀yìn.

Bàbá, mo ní ìtàn kan tó ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Lọ́dún 2016, wọ́n jí 119,754 bítíkọ́ìnì ní Bitfinex, ọjà pàṣípààrọ̀ kan. Gbogbo ayé ń wò ó níbi tó dúró sí. Kí ẹni tó jí i tó lè ná an, ó ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ó gba inú AlphaBay kọjá, ọjà ìkọ̀kọ̀ kan, ó sọ òmíràn di kọ́ìnì míì, ó sì fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣí àkáǹtì láwọn ọjà pàṣípààrọ̀. Ibi tó ti há nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti bi oní-àkáǹtì pé ta ni, tí kò sì lè fèsì, wọ́n ti àkáǹtì pa mọ́ owó nínú. Ní ìparí oṣù Kìíní 2022, àwọn agbófinró ṣí fáìlì kan tó wà nínú ibi ìpamọ́ lórí ayélujára, wọ́n bá àdírẹ́sì bí 2,000 níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wọn. Wọ́n gba ohun tó lé ní 94,000 bítíkọ́ìnì padà, wọ́n sì mú tọkọtaya kan ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún àti ààbọ̀, ìtàn kọ́ìnì yẹn kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fọ̀.

Ṣadé: Mo gbà. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi fóònù ra kọ́ìnì, tó bá "ìpaláró owó" pàdé, á rò pé wọ́n ń sọ nípa owó ayédèrú tí wọ́n kùn ní. Ẹ ò rí i pé "bíbo orísun owó" á yé e kíákíá? Ó tún bá "ẹ̀rí orísun owó" mu: èyí tí wọ́n ń bò lẹ̀ ń ní kí wọ́n fi hàn.

Bàbá Fálọlá: Ṣadé, ẹni tó ri owó mọ́lẹ̀ ti bo orísun rẹ̀. Ṣé ohun tí òfin ń wí nìyẹn? Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń wá ni kí wọ́n lè ná an ní gbangba, kí wọ́n fi ra ilé, kí wọ́n ní òwò àwọn ló mú un wá. Apá yẹn kò sí nínú "bíbo". Aró mú un.

Ìyábọ̀: Ẹ̀gbọ́n Àjàní, ẹ ṣeun. Tí mo bá fẹ́ ra òmíràn, ṣé kí n pín in sí kékeré kí wọ́n má baà yọ mí lẹ́nu?

Àjàní: Má dán an wò, àbúrò. Ẹ̀rọ ń ro wọ́n pọ̀, pípín yẹn fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fa ojú mọ́ra jù. Ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ gé owó pépà kí báńkì má baà ròyìn rẹ̀, èyí tó gbọ́dọ̀ ṣe tí owó bá ju 10,000 dọ́là lọ lóòjọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí òógùn ojú rẹ̀ tilẹ̀ ni owó náà.

Adéọlá: Mo dúpẹ́ o. Mo ti kọ "ìdánimọ̀" sí ojú-ewé kìíní, "ẹ̀rí orísun owó" sí èkejì, àti "òfin orúkọ-bá-owó-rìn". Ní ti ìwà fúnra rẹ̀, mo kọ "bíbo orísun owó ẹ̀ṣẹ̀ kí ó lè jọ owó ẹ̀tọ́". Ó gùn, mo mọ̀.

Bàbá Fálọlá: Àlàyé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. N kò tíì fọwọ́ sí i.

Ìyábọ̀: Ẹni tó tà á fún mi ti pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí a jọ kọ rẹ́. Ṣé ìwé báńkì nìkan lè tó?

Àjàní: Ó lè tó, tí orúkọ ẹni tó tà á fún ọ bá hàn lára rẹ̀. Fi ránṣẹ́ lónìí, má gé ojú-ewé kankan kúrò nínú rẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sí wọn pé ọ̀rọ̀ ìyókù ti parẹ́. Ká ní owó pépà lo fi san án ni, ì bá le gan-an.