Ọmọ mi tó ń ké tí mo bá ti ń lọ síbi iṣẹ́: ibi tá a bá a dé

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi yín rèé: "Ọmọ oṣù 9 ni. Láti ìgbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń ké títí ohùn ẹ̀ fi há lọ́dọ̀ màmá mi ní Aṣẹ́rò l'Ábẹ́òkúta. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì tó ní kí n yéé yọ́ jáde ló mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ bá sùn ni mo máa ń sá lọ tẹ́lẹ̀. Tó bá wá jí tí kò rí mi, wàhálà dé. Nílé pàápàá, mi ò lè dá wọ balùwẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, mo máa ń jókòó ti ọmọ àti Màmá bí ìṣẹ́jú 20. Màmá á fi ìró tí mo fi sùn mọ́jú pọ̀n ọ́n, màá juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀, ó tán. Mi ò kì í padà sẹ́yìn. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, igbe náà ni. Lọ́jọ́ kẹwàá, mi ò tíì dé Panṣẹ́kẹ́ tí Màmá fi pè pé ó ti ń fi ṣíbí lu abọ́.

Ẹni tó ní igbe náà á lọ fúnra ẹ̀ gbìyànjú, àmọ́ ìyọ́lọ mi ló ń dá kún un. Ìyá tó ní ọmọ ọdún 3 tòun ń sá fún ilé ìwé, tiyín yàtọ̀ o!

Wàrà tí mo ń fún sílẹ̀ ni kò tíì máa mu dáadáa lọ́sàn-án. Òru ló ń gbẹ̀san lára ọmú mi.