Ọrùn agbádá tó ń hunjọ: ibi tí mo bá a dé

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ọrùn agbádá gíní fi ń hunjọ tí mo bá ti ṣe jákàn sí i tán?”

Ìbéèrè tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn. Ó ti yanjú o, ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó ní okùn ẹ̀rọ ló le jù kò parọ́: mo dẹ̀ ẹ́, ó dín kù díẹ̀, àmọ́ kò tán. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo, ló rí ìdí ẹ̀. Mo ti gé ihò ọrùn kí n tó ṣe jákàn. Etí ihò yẹn tẹ̀, kò tọ́ tààrà, torí náà bí férémù bá ti fà á, ó ń gùn sí i ni.

Ní báyìí, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọrùn, mo fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́mù líle sẹ́yìn rẹ̀, mo ṣe jákàn sí i, kí n tó fọwọ́ kan síṣọ́ọ̀sì. Mo fi ìdajì íǹṣì sílẹ̀ láàárín jákàn àti ibi tí màá gé.

Fún inú rẹ̀, mo gé aṣọ gíní kan tó bo gbogbo ẹ̀yìn jákàn, mo dojú rẹ̀ kọ ojú agbádá, mo rán an yípo ọrùn. Lẹ́yìn náà ni mo gé ihò, tí mo fi ìdámẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ létí ìrán. Mo ń fi síṣọ́ọ̀sì já etí náà kéékèèké níbi tó ti tẹ̀, láì dé orí ìrán. Tí a kò bá já a, á wú nígbà tí a bá yí i sínú. Bí mo ṣe fìka tọ́ ọ báyìí, ó tẹ́jú, okùn kankan ò yọ.

Ẹni tó bi mí nípa apá tó ń ya lábẹ́ abíyá, ìyẹn yàtọ̀ sí tèmi. Lórí bóyá ká kọ́kọ́ fọ gíní, ẹnu ò tíì kò.