Àbọ̀ eré kíláàsì mi: Ìjàpá, Ajá àti oko iṣu

“Ọmọ 32 ni mo ní ní Pírámárì 2, ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìṣẹ́jú 8 péré ni wọ́n fún wa. Kí ni kálukú máa ṣe?”

Ìbéèrè tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn. Ẹ ṣeun o fún ìmọ̀ràn yín, a ti ṣe é. Mo kọ́kọ́ fún kálukú ní gbólóhùn kan bí bùrọ̀dá kan ṣe wí. Ó gba ìṣẹ́jú 15, ohùn kò sì dé ẹ̀yìn. Àǹtí tó ní kí n fi ìṣe rọ́pò ọ̀rọ̀ ló yọ mí. Ọmọ 4 sọ̀rọ̀: apàlọ́, Ajá, Ìjàpá, olóko. Àwọn 10 di iṣu, wọ́n lóṣòó sábẹ́ ìró ìyá wọn; a ò yá aṣọ eré rárá. Ajá fọwọ́ kan 2, wọ́n tẹ̀lé e. Ìjàpá kó 8, kò lè rìn mọ́, gbogbo èrò sì rí i. Àwọn 18 yòókù ń gberin. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀ láti la ẹnu. Mo gbé agogo fún un, ó lù ú, ṣùgbọ́n kò tíì kọrin.