Àbá ìwà tàbí àbá ìṣesí? Kọ́ tàbí mọ?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ àròkọ lórí bí ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo pe ti Watson àti Skinner, tó ń wo ohun tí ènìyàn ń ṣe, ní "àbá ìwà", mo pe ti Piaget, tó ní ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé ìmọ̀ rẹ̀ ró, ní "àbá ìkọ́mọ̀". Olùkọ́ mi ní n kò fi wọ́n wéra, pé mo kàn tò wọ́n síra ni. Báwo ni kí n ṣe é?

Baba Ìjerò:
Ta ló gbé ìwà fún ẹyẹlé? Skinner fi ẹyẹlé sínú àpótí, ẹyẹlé ṣá bọ́tìnnì, oúnjẹ já bọ́, ó tún ṣá a. Ìwà nìyẹn? Inú ọmọlúàbí ni ìwà ń gbé. Ohun tí Watson sì ní kí wọ́n máa wò lọ́dún 1913 ni èyí tójú rí. Ìṣesí nìyẹn. Bí àwọn tíṣà wa àtijọ́ bá rí "àbá ìwà" nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, wọn a dá a padà láì ka ìyókù.

Ìyá Ìbejì:
Baba, bí ẹ ti mẹ́nu ba ìwà yìí, Táyé mi kì í kí àgbà. Ṣebí àbá ti Skinner yẹn ló ní kí a mú pàṣán?

Olùkọ́ Adó:
Rárá o, Ìyá Ìbejì. Skinner gan-an kò fara mọ́ ìyà. Ó ní ìyà kàn ń tẹ ìṣesí rì fúngbà díẹ̀ ni. Ìkínlẹ́yìn, ìyẹn ohun tó ń mú kí ènìyàn túbọ̀ máa ṣe ohun tó ṣe, ló gbára lé. Bí tíṣà bá ní ẹni tó gba ìṣirò rẹ̀ kò ní gbálẹ̀ lónìí, ó mú ohun tí ọmọ kò fẹ́ kúrò kí ọmọ lè túbọ̀ máa gbà á. Ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ ìkínlẹ́yìn. Púpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìyà, wọ́n sì ń pàdánù máàkì.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, mú àṣìṣe kan ṣoṣo, kí o fi ojú méjèèjì wò ó. Ọmọ kan yọ 38 kúrò nínú 52, ó kọ 26. Ẹni tó tẹ̀lé Skinner á rí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Á gé iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ kéékèèké, á jẹ́ kí ọmọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á, á sì máa kín in lẹ́yìn títí yóò fi mọ́ ọn lára. Ẹni tó tẹ̀lé Piaget á bi í pé, "Báwo lo ṣe ṣe é?" Ọmọ á ní òun yọ 3 kúrò nínú 5, òun yọ 2 kúrò nínú 8. Ó ní òfin tirẹ̀: kékeré ni a ń yọ kúrò nínú ńlá. Òfin yẹn ti ń ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀, kò sì ní fi í sílẹ̀ àfi tó bá já a kulẹ̀. Ní kí ó ro 26 pọ̀ mọ́ 38. Á bá 64, kì í ṣe 52. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti máa dàrú, ibẹ̀ náà ni yóò ti tún òfin náà ṣe.

Ará Ọ̀yẹ́:
Ìyẹn ni pé nínú ti Piaget, tíṣà á jókòó, ọmọ á wá a rí fúnra rẹ̀.

Olùkọ́ Adó:
Ta ló ní kí ọmọ ro ó padà? Tíṣà ni. Yíyan ìbéèrè tó máa já òfin ọmọ kulẹ̀ nira ju pípín ìṣirò ogún lọ, ó sì ń jẹ àkókò, pàápàá nínú kíláàsì tó kún. Ìdánrawò tí Skinner fẹ́ ń jẹ́ kí ọmọ yára. Ṣùgbọ́n ọmọ lè gba ogún bí irú rẹ̀, kí 403 tí a yọ 128 kúrò nínú rẹ̀ sì tún dá òfin àtijọ́ padà. Kọ èyí sínú àròkọ rẹ, ìfiwéra nìyẹn.

Baba Ìjerò:
Bí ọmọ bá fi Yorùbá kà á, kò ní ṣìnà bẹ́ẹ̀. Méjìdínlógójì: méjì ló kù kó pé ogójì. Ogójì dé àádọ́ta, mẹ́wàá. Méjì tó lé àádọ́ta ń bẹ níbẹ̀. Mẹ́rìnlá! Orúkọ nọ́ńbà ti là á lọ́nà.

Ṣùgbọ́n "ìkọ́mọ̀" ń bí mi nínú. Kọ́ ilé, kọ́ iṣẹ́, ohùn kan náà. Ta ló máa mọ̀ bóyá ọmọ ń kọ́ ìmọ̀ lọ́wọ́ tíṣà ni àbí òun ló ń gbé e ró? Mọ ni kí a lò, bí obìnrin Ìṣàn ṣe ń mọ ìkòkò. "Àbá ìmọmọ̀."

Ará Ọ̀yẹ́:
Baba, mọ àti mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Ẹni tí kò bá fi àmì sí i ńkọ́?

Baba Ìjerò:
Ẹni tí kò bá fi àmì sí i kò kọ Yorùbá.

Olùkọ́ Adó:
Èmi ò fara mọ́ ọn, Baba. Amọ̀ kì í bá amọ̀kòkò jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń bá tuntun jà. "Ìkọ́mọ̀" ni mo fọwọ́ sí.

Baba Ìjerò:
O kò tíì rí amọ̀ tí ó sán mọ́ni lọ́wọ́ rí nìyẹn.