Pupa kan ń jẹ́ nǹkan méjì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi: báwo ni mo ṣe máa tò ó?

Àjọkẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Power BI ni mo fi ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n ní: Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Ojú ewé márùn-ún ló wà níbẹ̀: ọjà tí wọ́n tà, àfojúsùn, gbèsè, ọjà tó kù nílẹ̀, àti owó ọkọ̀.

Téèmù kan tí mo rí gbà sílẹ̀ ni mò ń lò. Lójú ewé àkọ́kọ́, ó kun Òṣogbo ní pupa, ó kun Abẹ́òkúta ní àwọ̀ ewé. Lójú ewé kejì, èmi fúnra mi ni mo fi pupa sí ẹ̀ka tí kò bá àfojúsùn, tí mo fi àwọ̀ ewé sí èyí tó bá a. Lójú ewé gbèsè, pupa ni owó tó ti ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá bá ti ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó á ní kí ló ń ṣe Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ Òṣogbo ló tà jù. Báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe tí àwọ̀ kan kò fi ní máa jẹ́ nǹkan méjì?

Ṣẹ́gun
Dúdú ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀yìn ojú ewé. Àwọ̀ máa ń hàn dáadáa lórí dúdú, kò ní máa dun ọ̀gá lójú.

Àjọkẹ́
Ẹ ṣé, bọ̀dá Ṣẹ́gun, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló hàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń jà.

Dèjì
Kò le rárá. Kọ fáìlì téèmù tìrẹ, lọ sí View > Themes > Browse for themes, kí o gbé e wọlé. Gbogbo ojú ewé á mú àwọ̀ kan náà. Ó tán.

Àǹtí Bùnmi
Dèjì, ìdajì lo sọ yẹn. Téèmù máa ń sọ àwọ̀ tó wà nínú àpò ni, kì í sọ ẹni tó máa wọ èwo. Bí àwọn ẹ̀ka bá ṣe tò nínú ṣáàtì kọ̀ọ̀kan ni Power BI á ṣe pín àwọ̀ náà fún wọn. Bí Ìbàdàn bá ṣáájú nínú ṣáàtì kan, àwọ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ṣáàtì mìíràn kò bá ní Ìbàdàn rárá nítorí pé wọ́n ti yọ ọ́, Abẹ́òkúta ni yóò gba àwọ̀ yẹn. Téèmù kan náà, fáìlì kan náà, síbẹ̀ búlúù ti di ẹlòmíràn.

Àjọkẹ́, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, pín àwọ̀ sí ọ̀nà méjì lórí bébà. Ọ̀nà kan jẹ́ ti orúkọ: àwọn ẹ̀ka rẹ nìyẹn. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ipò: ó dára, ó ń kù díẹ̀, kò dára. Àwọ̀ tó bá ti wà ní ọ̀nà kejì, ẹ̀ka kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, bó ti wù kó rẹwà tó. Ohun tó bà tìrẹ jẹ́ gan-an nìyẹn: pupa àti àwọ̀ ewé ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà méjèèjì.

Fáìlì téèmù á wá rí báyìí:

```json
{
  "name": "AwoIleIse",
  "dataColors": ["#0072B2", "#56B4E9", "#CC79A7", "#5B4A8A"],
  "good": "#009E73",
  "neutral": "#E69F00",
  "bad": "#D55E00"
}
```

Wo `dataColors` dáadáa. Búlúù, búlúù fífúyẹ́, píǹkì àti pọ́pù ló wà níbẹ̀. Kò sí pupa, kò sí àwọ̀ ewé, kò sí àwọ̀ ọsàn. Bí ṣáàtì kan bá tilẹ̀ pín àwọ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀, kò lè ṣèèṣì fún ẹ̀ka kankan ní àwọ̀ ipò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú pupa tó fà sí ọsàn àti àwọ̀ ewé tó fà sí búlúù, torí àwọn ọkùnrin mìíràn wà tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Dèjì
Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n `good` àti `bad` yẹn, ṣé gbogbo ṣáàtì ló ń lò ó?

Àǹtí Bùnmi
Rárá o. KPI àti waterfall ló ń lò ó. Ìyókù, àwa la máa fọwọ́ ara wa so ó mọ́ wọn.

Fún àwọn ẹ̀ka, lọ sí téébù tí orúkọ wọn wà, kó o fi òpó kan kún un, kó máa jẹ́ `AwoHex`. Kọ `#0072B2` síwájú Ìbàdàn, kọ tàwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ measure yìí:

```
Awo Eka =
COALESCE(SELECTEDVALUE(Eka[AwoHex]), "#000000")
```

Nínú ṣáàtì ọ̀pá, ṣí Format, lọ sí Columns (tàbí Bars), tẹ `fx` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Color, yan Field value ní Format style, kó o wá mú `Awo Eka`. Láti ìgbà yẹn lọ, ṣáàtì kò tún béèrè ẹni tó ṣáájú mọ́. Inú téébù ló ti ń ka àwọ̀. Bí o bá yí àwọ̀ Àkúrẹ́ padà nínú téébù, ó yí padà níbi gbogbo tí o ti so ó.

Àjọkẹ́
Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é lójú ewé àkọ́kọ́, ó gbà. Àmọ́ lójú ewé owó ọkọ̀, ṣáàtì onílà ni, ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú Legend. Mi ò rí `fx` níbẹ̀.

Àǹtí Bùnmi
O ò ní rí i. Bí ẹ̀ka bá ti wà nínú Legend, `fx` kì í yọjú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé àwọn ti parí iṣẹ́, tí ojú ewé kan ṣoṣo sì ń tú wọn fó.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, wọ inú Lines, yan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n kọ Series sí, kó o tẹ kóòdù àwọ̀ rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó máa dúró, ṣùgbọ́n kò mọ téébù rẹ rí. Bí o bá yí àwọ̀ padà lọ́la, o ní láti padà wá síbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni èmi fẹ́ràn jù: yọ ẹ̀ka kúrò nínú Legend, gbé e sínú Small multiples. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á ní àpótí tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lókè, kó o sì fi àwọ̀ kan ṣoṣo tó ṣú, tí kì í ṣe ti ẹ̀ka kankan, kun gbogbo ìlà. Kò sí àwọ̀ tí èèyàn máa há sórí mọ́.

Kúnlé Ríchájì
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Káàdì àti dátà ni mò ń tà. Nínú ṣáàtì mi, MTN ní láti jẹ́ yẹ́lò, Airtel ní láti jẹ́ pupa, Glo ní láti jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí mo bá kun Glo ní pọ́pù, àwọn ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n wá pa pupa àti àwọ̀ ewé tì ni?

Àǹtí Bùnmi
Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ti gba àwọ̀ yẹn ṣáájú yín, ojú àwọn èèyàn sì ti mọ́ ọn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ipò ni kó kúrò nínú àwọ̀: ẹ lo ▲ àti ▼ dúdú, ẹ sì kọ «ó dé» tàbí «kò dé» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí pupa máa jẹ́ Airtel lójú ewé gbogbo, kó má jẹ́ nǹkan mìíràn.

Dèjì
Ẹ jẹ́ kí n ta kò yín níbẹ̀ mà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ewu ló ń wá kó tó wá orúkọ. Pupa fún ewu ló yára jù. Kí orúkọ MTN àti Glo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kí ọ̀pá jẹ́ àwọ̀ eérú, kí pupa máa jẹ́ ewu nìkan.

Kúnlé Ríchájì
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Màá ṣe oríṣi méjèèjì, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló máa mú èyí tó yé wọn.

Àjọkẹ́
Àǹtí, ojú ewé àfojúsùn ńkọ́? Òfin tí wọ́n fún mi: kí ẹ̀ka dé 100% ni ó dára, 90% sókè ni ó ń kù díẹ̀.

Àǹtí Bùnmi
Measure kan ṣoṣo, kí gbogbo ibi tí àfojúsùn bá ti wà máa lò ó:

```
Awo Ipo =
VAR p = DIVIDE([Tita], [Afojusun])
RETURN
SWITCH(
    TRUE(),
    ISBLANK([Afojusun]), "#999999",
    p >= 1, "#009E73",
    p >= 0.9, "#E69F00",
    "#D55E00"
)
```

Ìlà `ISBLANK` gbọ́dọ̀ ṣáájú, àfojúsùn ni kó sì yẹ̀ wò, kì í ṣe `p`. Bí o bá yọ ìlà náà, ẹ̀ka tí wọn kò tíì fún ní àfojúsùn á di pupa, torí òfìfo máa ń dà bí òdo nígbà tí a bá fi wé nọ́ńbà. Bí o bá sì yẹ `p` wò, ẹ̀ka tó ní àfojúsùn tí kò ta ohunkóhun á di àwọ̀ eérú, bíi pé kò sí ìṣòro. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ọ̀gá rí ní pupa.

Nínú téébù, Cell elements > Background color > `fx` > Field value ni wàá gbà so ó.

Dèjì
Àjọkẹ́, wo KPI owó ọkọ̀ rẹ pẹ̀lú. Bí owó ọkọ̀ bá ju àfojúsùn rẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ló máa fi hàn bí o kò bá fọwọ́ kàn án. Lọ sí Trend axis, yí Direction sí Low is good.

Àjọkẹ́
Ha! Òótọ́ ni, àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀! Mo ti yí i. Nǹkan kan ló kù: lójú ewé ọjà tó kù nílẹ̀, búlúù ni mo fi kun téébù, bó ṣe ń pọ̀ ni ó ń ṣú. Búlúù sì ti di Ìbàdàn báyìí.

Ṣẹ́gun
Lo àwọ̀ eérú, láti fífúyẹ́ dé ṣíṣú.

Àjọkẹ́
Àwọ̀ eérú ti jẹ́ «kò sí àfojúsùn», bọ̀dá.

Àǹtí Bùnmi
O ti ń rí i fúnra rẹ. Yọ kíkùn yẹn, lo Data bars nínú Cell elements, kí gígùn ọ̀pá sọ iye. Mú àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní, bíi ti iyanrìn, `#D9CBB2`. Ó fúyẹ́ tó láti jẹ́ kí nọ́ńbà orí rẹ̀ hàn.

Kí o tó fi ránṣẹ́, tẹ ojú ewé márààrún sórí bébà, tò wọ́n sílẹ̀, kó o fi ìka tọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ojú ewé kan dé èkejì. Ṣáàtì tí kò bá bá ti yòókù mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ti tẹ kóòdù àwọ̀ sí i lọ́wọ́ rí. Irú èyí kì í tẹ̀lé téèmù. Tẹ Reset to default níbẹ̀ kó o tún un so.

Àjọkẹ́
Wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka Ìlọrin lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n ti wá àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀?

Àǹtí Bùnmi
Bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ sí téébù. Bí o bá gbàgbé, dúdú kirikiri ni ọ̀pá Ìlọrin á yọ, torí `#000000` tí mo fi sínú `COALESCE`. Bí ẹ̀ka bá wá ju mẹ́fà lọ, mi ò ní wá àwọ̀ tuntun kiri mọ́. Gbogbo wọn á di àwọ̀ kan, orúkọ ló máa yà wọ́n.