Ọ̀rọ̀ ìbínú tí mo yọ kúrò nínú ìjábọ̀ ìrẹsì ẹgbẹ́ wa

Ìyá Ìbejì, Òjóò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnì kan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé báwo lèèyàn ṣe ń kọ ìjábọ̀ nípa ohun tó ń bí i nínú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ra àpò ìrẹsì 120 ní ìparí oṣù Kẹjọ, torí a mọ̀ pé tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, owó rẹ̀ á ti lé. A kó o sí sítọ̀ kan ní Òjóò níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí bàbá tó ń bójú tó sítọ̀ ṣílẹ̀kùn, omi ti wọ àpò 14. Wọ́n ní kí àwa mẹ́ta lọ wádìí rẹ̀, kí a sì jábọ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìwádìí. Èdè Yorùbá la fi ń kọ ìwé ẹgbẹ́ wa, torí àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wa, a sì máa ń ka ìjábọ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Owó àpò méjì tèmi náà wà níbẹ̀. Inú ń bí mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo jókòó kọ ọ́. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Àìbìkítà alábòójútó sítọ̀, tó ti mọ́ ọn lára láti máa fi iṣẹ́ ṣeré, ló jẹ́ kí òjò ba ìrẹsì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́. Ó rí i pé òrùlé ń jò, ó kàn jókòó, kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Nígbà tí a bi í, ó tún ń purọ́ pé òun ti sọ fún ìgbìmọ̀."

Àgbà kan wà nínú àwa mẹ́ta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n mú bírò, wọ́n fa ìlà sábẹ́ "àìbìkítà", "mọ́ ọn lára", "kàn jókòó" àti "purọ́", wọ́n sì kọ ìbéèrè kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: "Kí lo rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí "àìbìkítà". Kí ni mo rí gan-an? Mo rí i pé orí sìmẹ́ńtì ni àpò 14 yẹn wà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri apá ẹ̀yìn, nígbà tí àwọn tó kù wà lórí pákó. Mo tún rí tapólì kan nínú sítọ̀ náà, kíká ni wọ́n ká a. Nítorí náà mo yọ "àìbìkítà", mo kọ ohun méjèèjì yẹn sílẹ̀ bí mo ṣe rí wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ ohun tí kò dára níbẹ̀, mi ò ní láti bá a pe orúkọ rẹ̀.

"Purọ́" ló gbà mí lákòókò jù. Mi ò lè dáhùn "kí lo rí" níbẹ̀, torí mi ò rí nǹkan kan. Mo kàn gbà pé irọ́ ni ni. Mo padà lọ bá bàbá náà, mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n sọ hàn mí. Wọ́n ṣí fóònù wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, pé òrùlé ń jò lápá ẹ̀yìn. Ọjọ́ 12 kí òjò yẹn tó rọ̀. Ara mi bù máṣọ. Bí mo bá ka tàkọ́kọ́ yẹn níwájú ẹgbẹ́, mo ti ba orúkọ àgbàlagbà jẹ́ lórí ohun tí wọn ò ṣe.

Ohun tí a kà fún ẹgbẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, alábòójútó sítọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé pé òrùlé ń jò ní apá ẹ̀yìn. Àwa mẹ́ta rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Akọ̀wé sọ pé òun kà á ní ọjọ́ 11, òun kò sì tíì mú un wá sí ìpàdé. A kò rí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tún òrùlé náà ṣe kí ọjọ́ 21 tó pé. Àpò 14 wà lórí sìmẹ́ńtì nídìí ògiri apá ẹ̀yìn. Tapólì kan wà ní kíká nínú sítọ̀. Alábòójútó sọ pé òun kò mọ̀ pé ti ẹgbẹ́ ni, òun rò pé ti onílé ni."

Akọ̀wé Àdúgbò, Apẹtẹ

Ẹ ṣeun mà. Ọdún kẹfà mi rèé tí mo ti ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ onílé. Tèmi tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò kí ń mẹ́nu kan ẹnikẹ́ni rárá. "Wọn kò tún òrùlé ṣe, wọn kò tẹ́ tapólì, omi wọlé." Ó parí. Inú ẹnikẹ́ni ò ní bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Akọ̀wé, ẹ gba apá kan rẹ̀. Lóòótọ́, orúkọ àbísọ kò pọn dandan, ipò èèyàn tó. Ṣùgbọ́n "wọn" tí ẹ kọ yẹn, ta ni? Ẹnì kan ni àbí gbogbo ìgbìmọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Aláìsàn kan gba oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé "Wọ́n fún un ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì." Ọ̀rọ̀ náà tutù, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a tún un kọ pẹ̀lú ipò àti aago ni ọ̀rọ̀ tó yé wa. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé fún un ní aago 8 alẹ́ kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì fọwọ́ sí ìwé oògùn kí wọ́n tó pè é sí bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí àyè òfìfo lórí ìwé, ó fún un ní aago 8 kọjá ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo wa rí ibi tó ti já: àkókò tí a ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Bí ẹ bá yọ ẹni tó ṣe nǹkan, ẹ yọ ìdí rẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń ṣọ́ra fún, "jẹ́wọ́". "Ó jẹ́wọ́ pé òun kà á ní ọjọ́ 11." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ti dá a lẹ́bi kó tó gbọ́ ìyókù. "Ó sọ pé" ni kí ẹ kọ, fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn àti ẹni tí ẹ ò fẹ́ràn. Bákan náà "alágídí". A ò gbọdọ̀ kọ pé aláìsàn ya alágídí. À ń kọ pé ní aago 10 alẹ́ ó ní òun ò gba abẹ́rẹ́, a sì kọ ìdí tó sọ bó ṣe sọ ọ́: "Apá mi ṣì ń dùn mí láti àárọ̀."

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo kíyè sí nǹkan kan, Ìyá Ìbejì. Nínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́, "ó" lẹ fi pe bàbá sítọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí ẹ ń sọ fún wa, "wọ́n" lẹ fi ń pè wọ́n. Ṣé ìbínú náà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Òjóò

Ìbínú náà ni, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é. Olùkọ́ yẹn ló fi hàn mí, torí mo kọ "alága sọ pé àwọn kò gbọ́" ní ojú ìwé kejì, tí bàbá tó ju alága lọ́jọ́ orí sì jẹ́ "ó" ní ojú ìwé kìíní. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo wọn di "wọ́n", ohun tí Nọ́ọ̀sì wí tún dé, èèyàn ò ní mọ̀ bóyá ẹnì kan ni tàbí mẹ́wàá. Ohun tí a ṣe ni pé a ń tún ipò pè ní gbogbo ìgbà: alábòójútó, akọ̀wé, alága. Níbi tí kò bá ti ṣe é yẹra fún, "òun" là ń lò fún gbogbo wọn láìyọ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gùn díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bínú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké náà wà níbẹ̀: "kàn", "tiẹ̀", "tún". "Kò ṣe nǹkan kan" yàtọ̀ sí "kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan". Bí mo bá kọ tán báyìí, mo máa ń kà á sókè, mo sì máa ń fetí sí àwọn yẹn.

Akọ̀wé Àdúgbò, Apẹtẹ

Mo gba ti "wọn" yẹn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ìjábọ̀ yín ò fi hàn pé ó dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Èèyàn pàdánù owó o!

Ìyá Ìbejì, Òjóò

Ó wà níbẹ̀, mi ò tíì fi hàn yín ni. Nínú àpò 14, a rí 5 sá padà torí ìsàlẹ̀ nìkan ni omi kàn. Àpò 9 hu, a dà wọ́n nù. A kọ pé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án tó ti san owó pé kò rí ìrẹsì gbà ní ọjọ́ pínpín. Nígbà tí wọ́n kà á, gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà rèé. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe gba 35,000 náírà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ náà ò ràn dòní. Mo ti kọ ọ́ báyìí: "Olè ni ọ́, Ọlọ́run á bi ọ́, ọ̀nà jìbìtì lo fi ń jẹun." Ṣé kí n fi ránṣẹ́ àbí kí n mú un lọ bá ọlọ́pàá?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, tiyín kì í ṣe ìjábọ̀, lẹ́tà ìbéèrè owó ni. Ẹ má fi èyí ránṣẹ́ ṣá. Ẹ gbìyànjú irú èyí: "Ní ọjọ́ báyìí, mo san 35,000 náírà fún yín láti pààrọ̀ mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ẹ dá a padà ní ọjọ́ báyìí. Láti ọjọ́ náà kò tíì ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ dá owó náà padà kó tó di ọjọ́ báyìí." Ọjọ́ wo lẹ san án?

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Bódìjà

Ìyá Ìbejì, "mọ́ ọn lára" ńkọ́? Ẹ ò sọ ibi tí ìyẹn já sí.

Ìyá Ìbejì, Òjóò

Òun ni àwa mẹ́ta ò fẹnu kò lé lórí. A yẹ ìwé sítọ̀ wò, a rí ẹ̀ẹ̀kan péré: ní oṣù Kẹta, kòkòrò jẹ àpò ẹ̀wà méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó ohun tí mo fi lè sọ pé ó ti mọ́ èèyàn lára, ìyẹn dá mi lójú, mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wa ní ká kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú ọjọ́, láìfi nǹkan kan kún un. Olùkọ́ ní kòkòrò ò kan òrùlé, pé bí a bá ti gbé e síbẹ̀, a ti fi ìka tọ́ka láìla ẹnu. Ti olùkọ́ la ṣe. Títí di òní, ẹnì kẹta wa ṣì ń sọ pé a fi nǹkan pamọ́ fún ẹgbẹ́, èmi náà ò sì lè sọ pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Èmi ì bá kọ ọ́, tí ẹ bá rí i pé ilé kan náà ni, apá ẹ̀yìn kan náà ni. Ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀wà náà wà?

Ìyá Ìbejì, Òjóò

A ò béèrè.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun mà. Mo ń wá rìsíìtì kí n lè mọ ọjọ́ tí mo san án.