Iná tó fi bélì bojú

Oníbélì
Aṣọ ni mò ń tà, bélì-bélì ni mo sì ń kó o jọ. Ìsọ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà lójú ọ̀nà wa, pákó ló pààlà láàárín wa, tapólì kan ṣoṣo ló sì bo orí gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wáyà tó gba ẹ̀yìn bélì mi kọjá sí ìsọ̀ kejì ṣáná. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, àpò tó bo bélì ìsàlẹ̀ ti dúdú, iná sì ti ń lá a. Ọmọkùnrin kan sáré lọ pa iná mànàmáná ní bọ́ọ̀dù. Èmi gbé agolo ìpaná onílẹ́búlẹ́bú, èyí tó jẹ́ kílò 6, mo fa píìnì rẹ̀ yọ, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ìdí iná. Kò ju kéèyàn ka ení títí dé ogún lọ tí ó fi tán. Gbogbo ibẹ̀ funfun báláú, a ò sì rí iná kankan mọ́. Àwọn ará ọjà pàtẹ́wọ́, a dúpẹ́. Mo gbá lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, mo to bélì padà, mo ti ìsọ̀, mo gba ilé lọ.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọlọ́dẹ pè mí. Ìsọ̀ tèmi àti méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ti lọ. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé láti aago mẹ́jọ ni bàbá ọlọ́dẹ ti ń gbóòórùn bí ìgbà tí àkísà bá ń jó. Ó rò pé òórùn ti ìrọ̀lẹ́ ló kù níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó sọ tirẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe.

Ìyá Oníbàtà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà nìyẹn. Nígbà tí ọjà tiwa jó, àwọn panápaná tètè dé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ wọn dúró sí. Ọkọ̀ náà fẹ̀ tó mítà 2.5, bẹ́ẹ̀ èmi àti ẹni tó kọjú sí mi ti gbé tábìlì jáde títí tí èèyàn méjì ò fi lè pàdé láàárín wa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa rọ́bà omi wọlé, ó ń há sẹ́sẹ̀ tábìlì wa. Mo wà níbẹ̀, mò ń wò ó. Láti ìgbà náà la ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà sílẹ̀, tábìlì ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá a.

Oníbélì
Ẹ ṣé, Mà. Òótọ́ ni, àmọ́ tèmi ò tíì kan ọkọ̀ panápaná. Iná náà ti kú kó tó padà dé, ohun tí ò yé mi nìyẹn.

Garawa Mẹ́ta
Lẹ́búlẹ́bú ló tàn yín jẹ, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣiṣẹ́ fún aṣọ rárá. Ká ní ẹ ti da garawa omi mẹ́ta lé bélì yẹn lórí ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Panápaná Àná
Ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àbúrò mi Garawa Mẹ́ta mú ìdajì òótọ́ dání. Lẹ́búlẹ́bú ló tọ́ níbẹ̀rẹ̀, pàápàá níbi tí wáyà wà, nítorí ẹni tó bá da omi sí wáyà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀ lè kú síbẹ̀. Ohun tí lẹ́búlẹ́bú ń ṣe ni pé ó ń gé ahọ́n iná. Kì í mú nǹkan tutù. Ooru tó ti wọ inú aṣọ lọ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wo bí bélì ṣe rí. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ pa, tí wọ́n sì fi okùn dì í. Tí ẹyin iná bá ti ráyè wọ inú rẹ̀, kò nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀. Á máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín aṣọ, láìní ahọ́n, fún wákàtí mélòó kan, nígbà mìíràn títí dọjọ́ kejì. Tó bá wá jáde síbi tí atẹ́gùn wà ló máa gbiná. Nítorí náà ni garawa mẹ́ta lórí bélì ò ṣe ní parí ọ̀rọ̀. Omi á ṣàn gba ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ á gbẹ bí i ti tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ nínú omi máa ń ràn án lọ́wọ́ láti wọlé, àmọ́ títú bélì náà gan-an niṣẹ́.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ ó pa iná mànàmáná. Ẹ ó wọ́ gbogbo bélì tí iná bá kàn, àti èyí tó fara tì í, jáde sí gbangba, jìnnà sí tapólì. Ẹnì kan á gbé omi dúró kí ẹ tó gé okùn, torí tí bélì bá là, tí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹyin iná, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá tú u ní ìpele-ìpele, ẹ máa rin ín gbingbin. Mo ti tú èyí tí ojú ihò ìta rẹ̀ ò ju owó ẹyọ lọ, tí inú rẹ̀ sì ti jó di ihò tí orí èèyàn lè wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má kó o padà sísọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ níta.

Ní ti òórùn: òórùn iná tó ti kú máa ń lọ sílẹ̀ ni. Bó bá ń pọ̀ sí i, iná wà níbì kan. Ẹ tún lè na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ bélì láìfọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ bí apá kan bá gbóná ju ìyókù lọ. Bí ẹ ò bá sì rí ooru, kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí, torí ó lè jìn sínú.

Oníbélì
Ẹ ṣeun, Bàbá. Orí ń fọ́ bàbá ọlọ́dẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun rò pé ebi ni. Ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ló máa ń jókòó sí.

Panápaná Àná
Ẹ dúpẹ́ pé kò sùn lọ. Iná abẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tú gáàsì kan tí kò lóòórùn, tí ojú ò rí. Orí fífọ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹni tó wà níbi iná bá ti sọ pé orí ń fọ́ òun, ẹ gbé e jáde sí afẹ́fẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ tó wá ibi tí èéfín wà.

Alákòóso Ìlà Kẹta
Ọ̀nà àbáyọ kò jù pé kí wọ́n máa gé iná mànàmáná gbogbo ọjà ní kété tí ọjà bá tú. Ibi tí wáyà bá ti kú, kò ní ṣáná.

Onífírísà
Ẹja àti ẹran tó wà nínú fírísà mi ńkọ́? Ẹ máa gé ti àwọn tí ò nílò iná lálẹ́, kí ẹ fún àwa ní wáyà tiwa lọ́tọ̀.

Alákòóso Ìlà Kẹta
Wáyà tiyín náà máa kọjá lórí tapólì kan náà. A ti sọ ọ́ nípàdé ẹ̀ẹ̀mejì, a ò tíì fẹnu kò.

Oníbélì
Ìbéèrè kan ló kù fún mi, Bàbá. Ọjà wa ò ní gbangba. Ọ̀nà tóóró yẹn nìkan la ní, ìsọ̀ ló sì wà lọ́tùn-ún lósì. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ibo ni kí a wọ́ bélì lọ?

Panápaná Àná
Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, bó bá tilẹ̀ jìnnà, kó sáà má dí ọ̀nà ọkọ̀ wa. Mo mọ̀ pé bélì kan lè gba ọkùnrin mẹ́rin. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ẹ ó fi síbẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan, tí ẹnikẹ́ni ò ní yá lọ.

Ìyá Oníbàtà
Kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè gba àárín tábìlì kọjá o. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ kí ẹ tó rà á.